"Ẹ Kú Iṣẹ́" Kan Gba Odidi Ọjọ́ Mi

Ọjọ́bọ̀, Yábàá.

Àárọ̀ ni ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ti kọ̀wé sí mi láti òkè òkun. Fíìmù kékeré kan ni mò ń kọ òyìnbó sí nísàlẹ̀. Ó ní ìyá onílé inú rẹ̀ ò yé òun: ó kọ́kọ́ yin bíríkìlà, kò pẹ́ tó fi ní kó wó ògiri. Ṣé yẹ̀yẹ́ ló ń fi ṣe ni?

Mo tún un wò. Ìyá dé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bíríkìlà ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ìyá wá fojú wọn ògiri: "Èyí wọ́ o. Ẹ wó o."

Kò sẹ́ni tó yin ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ "Well done" síbẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń pè é. Létí òyìnbó, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún. Tiwa kì í wo bóyá iṣẹ́ dára. A bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, a kí ọ, ó tán. Ẹni tó bá kọjá lára rẹ láìkí ọ ni wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ká sì tú u lẹ́yọ lẹ́yọ, á di àbùkù. "Kú" yẹn àti kú tí ẹni tó ṣaláìsí kú, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n kú ìkíni, ohun tí èèyàn wà nínú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e: ẹ kú ọjà, ẹ kú ìrìn. Ẹni tó jókòó lásán pàápàá ní ẹ kú ìjókòó tirẹ̀.

Mo fi "Hello there" rọ́pò. Ni ìdáhùn bá bàjẹ́, torí ta ní ń dúpẹ́ pé wọ́n kí òun báyẹn? Mo yí òun náà sí "Good day, ma." Iṣẹ́ ti pòórá nínú ìkíni. "Ẹ" tí ìyá fi bọ̀wọ̀ fún bíríkìlà tó lè bí lọ́mọ náà ti lọ. Ìyẹn dùn mí ju ti iṣẹ́ lọ.

Ọwọ́ iwájú nínú fíìmù náà, ọmọ kan da gààrí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kú iṣẹ́ o!" Mo fi "Well done!" sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Àfi ibi tó ti di ẹ̀gàn ni èdè méjèèjì ti bá ara wọn mu.

Nǹkan bí aago mẹ́fà ni mo tó fi ránṣẹ́. Ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé wa yọjú lójú fèrèsé, ó bá mi tí mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Iṣẹ́ wo? Gbólóhùn mẹ́ta láti àárọ̀.

"Ẹ ṣé, mà."