Wọ́n ní kí n dá àwọ̀ Màmá padà: bí mo ṣe ń to léyà tó fi ṣeé ṣe

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò, iṣẹ́ kan tí mo ṣe fún ìdílé kan ní Ìkẹ́rẹ́ ló ń mú mi kọ èyí. Ìyá wọn pé ọmọ 70 ọdún, ọ̀sán gangan la ya fọ́tò náà, gèlè wá ṣíji bo ojú wọn látòkè títí dé imú. Ọmọ wọn obìnrin ní "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́ kí ojú Mọ́mì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì bá mi dín ìhunjọ abẹ́ ojú wọn kù." Mo ṣe é, ó fẹ́ràn ẹ̀. Àfi bí àwọn àbúrò ẹ̀ ṣe rí i tí wọ́n ní rárá o, ìyá àwọn dúdú, kí n dá àwọ̀ wọn padà, kí ojú wọn sì jọ ti ẹni tó dàgbà.

Kò gbà mí lásìkò rárá, nítorí mi ò kun nǹkan kan sórí fọ́tò yẹn gan-an. Nínú Photoshop, léyà tó ń jẹ́ Background ni mo fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, mi ò fọwọ́ kàn án. Lórí ẹ̀ ni mo ṣí léyà òfìfo méjì sí, bíi rọ́bà tó mọ́ gaara téèyàn tẹ́ lé fọ́tò: ọ̀kan fún àwọn àmì kéékèèké bíi egbò ẹ̀fọn, èkejì fún ìhunjọ abẹ́ ojú nìkan. Ilà ojú wọn ńkọ́? Mi ò débẹ̀, ilà kì í ṣe àbùkù, ẹ má pa ilà ojú ẹnikẹ́ni rẹ́ láìbéèrè. Healing Brush ni mo lò, mo sì yan "Current & Below" níbi Sample lókè, torí tẹ́ ẹ bá fi sí "Current Layer" lórí léyà òfìfo, kò ní rí nǹkan kan kọ́pì.

Lórí àwọn yẹn ni léyà Curves tó ń tan fọ́tò wá wà, mo mú àárín ìlà ẹ̀ gòkè díẹ̀, mo yí Blend Mode ẹ̀ sí Luminosity kí àwọ̀ ara má bàa di pupa. Gbogbo fọ́tò ló máa mọ́lẹ̀ nígbà yẹn o, ibẹ̀ ni másìkì, àpótí funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Curves, ti wúlò: mo tẹ másìkì yẹn, mo tẹ Ctrl+I kó di dúdú, ìmọ́lẹ̀ náà pòórá, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tí etí ẹ̀ rọ̀, Flow 10%, kun ibi tí òjìji gèlè bò nìkan. Funfun ń fi hàn, dúdú ń fi pamọ́. Tọ́wọ́ bá yọ̀ lọ sórí gèlè, mo tẹ X, búrọ́ọ̀ṣì di dúdú, mo fi kùn ún padà.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà rèé, torí ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Léyà tẹ́ ẹ fi ń ṣe àwọ̀ ara gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ Curves, kò gbọdọ̀ wà lókè ẹ̀. Ìdí ni pé Healing Brush máa ń gbé àwọ̀ tó rí nígbà yẹn sórí léyà òfìfo, tó bá wà lókè Curves, àwọ̀ tí Curves ti tàn ló máa gbé, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú yóò padà dúdú, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn yóò mọ́lẹ̀ bákan lójú èèyàn. Tí léyà yẹn bá sì wà lábẹ́ Curves àmọ́ tẹ́ ẹ yan "All Layers", àwọ̀ tó ti mọ́lẹ̀ ló máa mú, Curves á tún wá tàn án lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: mo máa ń pa àmì ojú ẹ̀gbẹ́ Curves, mo sún mọ́ ojú ẹni náà dé 100%, tí mi ò bá rí àbàwọ́n kankan, ó dáa.

Nítorí náà nígbà tí àwọn àbúrò yẹn dé, mo sọ Opacity Curves kalẹ̀ sí 45%, ti léyà ìhunjọ sí 30%, àwọn àmì egbò ẹ̀fọn ò padà wá torí léyà tiwọn dá wà lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin náà wò ó, ó gbà.

Nǹkan kan wà tí èyí ò lè ṣe o. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ àwọ̀ fọ́tò ìsàlẹ̀ gan-an lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣe ara tán, àwọn ibi tẹ́ ẹ ti kùn ò ní bá a mu mọ́, ẹ máa tún wọn ṣe ni. Ẹ má sì gbọ́kàn lé Ctrl+Z, History máa ń pòórá tẹ́ ẹ bá ti pa fáìlì. PSD ni mo máa ń tọ́jú sọ́dọ̀ ara mi, JPEG ni kọ́sítọ́mà ń gbà, torí JPEG ò lè gbé léyà, ó máa ń pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Fáìlì tó bá ju 2GB lọ, PSB ni kẹ́ ẹ fi pamọ́, PSD ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.