Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ewì: «Ṣéńjì», láti ọ̀rọ̀ àgbọ́sétí dé ìlà 14

Ewì kúkúrú kan ló wà lọ́wọ́. Inú danfó tó ń gba Ṣógúnlẹ̀ àti ibùdókọ̀ Máńgòrò lọ láti Ọ̀ṣódì sí Ìyànà-Ìpájà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ohùn méjì là ń gbọ́ níbẹ̀: ti kọ̀ndọ́, àti ti obìnrin kan tó ń bèèrè ṣéńjì rẹ̀, tí fóònù sì dún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnì kẹta, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn kan, wà ní ìdí fóònù lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn wọ̀nyí wà nínú ewì láìjẹ́ pé ó di ìwé eré.

Ohun èlò

Ọ̀rọ̀ àgbọ́sétí kì í pẹ́ bàjẹ́. Tí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò kù, ìtumọ̀ kò sì wúlò púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. «Obìnrin náà bèèrè bóyá aláìsàn ti jẹun» kò ṣe é lò. «Ó ti jẹun ṣá?» ṣe é lò, nítorí «ṣá» yẹn ló gbé ìpayà dání: ẹni tó sọ ọ́ ti ń bẹ̀bẹ̀ kí ìdáhùn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké la máa ń kọ́kọ́ dáàbò bò: ṣá, jàre, o, ńkọ́, dà, rèé. Àwọn ni olóhùn. Ohun tí a sì máa ń yọ dànù lójú ẹsẹ̀ ni orúkọ èèyàn, orúkọ ilé ìwòsàn, irú àìsàn, àti iye owó ìwòsàn gan-an tí wọ́n dá. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò kò mọ̀ pé akéwì wà nítòsí, kò sì yẹ kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ ka ewì kó dá a mọ̀.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́

Ẹ̀dà yìí la mọ̀ọ́mọ̀ kọ bí eré, kí a lè rí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀:

KỌ̀NDỌ́: Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!
OBÌNRIN: Igba náírà mi dà?
KỌ̀NDỌ́: Màmá, ẹ ní sùúrù.
OBÌNRIN (lórí fóònù): Hẹ́lò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàsán, mà. Ẹ ti débẹ̀?
OBÌNRIN: Kí ni dókítà wí?
OBÌNRIN: Háà. Ó ti jẹun ṣá?
KỌ̀NDỌ́: Máńgòrò! Ó wà o!
KỌ̀NDỌ́: Màmá, ṣéńjì yín rèé.
OBÌNRIN: Mò ń bọ̀, mo ti wà lọ́nà. Ẹ bá mi sọ fún un kó ní sùúrù.

Orúkọ iwájú ìlà nìkan kọ́ ló sọ ọ́ di eré. Ẹ yọ orúkọ wọ̀nyẹn kúrò, yóò ṣì jọ eré, nítorí pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí níbi tí ìlà ti parí. Ojú òǹkàwé rí àtẹ̀gùn: ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó dákẹ́, ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìkejì ni pé kò sí nǹkan kan láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀. Lórí ìtàgé, òṣèré ni yóò fi ara rẹ̀ dí àlàfo yẹn. Nínú ewì, kò sí òṣèré; ewì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dí i.

Yíyọ orúkọ, láìsọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nù

Ọ̀nà tí a fi dán an wò rọrùn: a bo orúkọ iwájú ìlà mọ́lẹ̀, a sì ka ìyókù sókè. Ìlà tí a kò bá mọ olóhùn rẹ̀ ló nílò ìrànlọ́wọ́. Èyí tó kù lè dá dúró. Níbí, èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Kọ̀ndọ́ ń pe obìnrin náà ní «màmá», ó sì ń lo «ẹ» fún un. Obìnrin náà ń lo «ẹ» fún ẹni tó wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n «ẹ̀gbọ́n mi» ló wà níwájú tirẹ̀. «Màmá» àti «ẹ̀gbọ́n mi» ti tó láti fi ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀, kò sì sí ibi tí a ti ní láti kọ «lórí fóònù».

Kí ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí kíyè sí ibi tí olóhùn ti wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Èkìtì kì í lo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni púpọ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo. Bí olóhùn bá jẹ́ ará ibẹ̀ tó ń sọ èdè ilé, tí a wá fi «ẹ» sí i lẹ́nu nítorí àtidá a mọ̀, a ti pa ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpè, bí «ẹ̀gbọ́n mi», ni kí a gbára lé ní irú ibẹ̀.

«Ní» àti «òun»

Ibí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. A pinnu láti má lo àmì àyọlò rárá, nítorí pé wọ́n máa ń gé ewì sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sínú àgò. Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ nílò wọn. Nínú ẹsẹ Ifá, gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lè wọ inú ìlà kan: wọ́n ní kó rúbọ, ó gbọ́, ó rú. Àṣẹ àti ìdáhùn ti wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò pé eré lòun ń kà.

«Òun» ni irinṣẹ́ tó dára jù. «Ó ní òun ti sanwó»: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló sanwó. «Ó ní ó ti sanwó»: ẹlòmíràn ni a sábà máa ń gbọ́ pé ó sanwó. Nítorí náà, akéwì lè mú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹnì kan, kó fi ohùn ara rẹ̀ gbé e, síbẹ̀ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ má sọnù. Bí a ṣe tún ìbéèrè obìnrin náà kọ nìyẹn: ó ní igba náírà òun dà. «Dà» ṣì gbóná bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ewì ló ń sọ ọ́ báyìí.

Ewu wà nínú «ní». Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé ẹnì kan wí nǹkan àti pé ó ní nǹkan lọ́wọ́. Bí a bá kọ «kọ̀ndọ́ ní sùúrù», òǹkàwé yóò gbọ́ pé onísùúrù èèyàn ni kọ̀ndọ́. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. A lè fi «kí» sí i: kọ̀ndọ́ ní kí wọ́n ní sùúrù. A sì lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lásán, kí ìpè ṣáájú rẹ̀: màmá, ẹ ní sùúrù. Èkejì la mú, torí pé ó kúrú, ó sì mú ohùn kọ̀ndọ́ wá tààrà. Ewu yẹn kan náà wà nínú «ní igba náírà òun dà»: kí a tó dé òpin, ó lè dún bíi pé obìnrin náà ní igba náírà. «Òun dà» ló tún un ṣe, nítorí náà wọn kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Bí ìlà bá gé lẹ́yìn «náírà», òǹkàwé yóò ti gba ìtumọ̀ tí kò tọ́ kó tó rí àtúnṣe.

Gígé ìlà

Òfin tí a tẹ̀ lé ni pé, níbi tó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlà, lẹ́yìn ohun tí ojú rí, kó sì ṣàn kọjá etí ìlà. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo ṣe ń bá èèyàn nínú danfó: kì í dúró kí èèyàn parí ohun tó ń wò. Ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ báyìí rèé:

Okùn la fi so ilẹ̀kùn. Ẹ wọlé pẹ̀lú
ṣéńjì yín o. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé
ní igba náírà òun dà. Màmá,
ẹ ní sùúrù. Èéfín Ṣógúnlẹ̀ wọlé, kò sanwó.

Fóònù ń dún nísàlẹ̀ báàgì, lábẹ́ ẹ̀fọ́.
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti débẹ̀? Ó fi ìka
di etí kejì. Kí ni dókítà wí?
Ọmọ tó ń ta omi tútù ń sáré bá wa lọ,
ọwọ́ kan na omi, ọwọ́ kan ń gbowó. Ó ti jẹun ṣá?

Máńgòrò, ó wà o. Ẹnì kan sọ̀, ẹnì kan jókòó
kí àga tó tutù. Màmá, ṣéńjì yín rèé.
Ó di owó náà mọ́wọ́, kò kà á.
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún un
kó ní sùúrù.

«Hẹ́lò» ti lọ, «ẹ káàsán, mà» ti lọ, «háà» náà ti lọ. Ìkíni ṣe pàtàkì láàárín àwa èèyàn, ṣùgbọ́n òǹkàwé mọ̀ pé wọ́n ti kí ara wọn. Kò nílò ẹ̀rí. «Háà» la yọ nítorí pé ó ń sọ fún òǹkàwé bí ìdáhùn dókítà ṣe rí. Lẹ́yìn «kí ni dókítà wí», ọmọ olómi ló wọlé dípò ìdáhùn, àlàfo yẹn sì wúwo ju igbe lọ. Nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ní ìbéèrè àti ìdáhùn, a sábà máa ń tọ́jú ìbéèrè kí a sì yọ ìdáhùn. Àmọ́ kí nǹkan tó dí àlàfo náà jẹ́ ohun tó wà lójú ọ̀nà gan-an, kì í ṣe àwòrán ẹkún tàbí òkùnkùn tí a gbé wá láti ibòmíràn.

«Mò ń bọ̀, mo ti wà lọ́nà» náà kúrò. Danfó ti sọ pé ó wà lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan ló jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì: sùúrù. Ẹnu kọ̀ndọ́ ló ti kọ́kọ́ jáde, lórí ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tó dé ẹnu obìnrin náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló di. A kò fi ọ̀rọ̀ kankan tọ́ka sí i, nítorí pé bí akéwì bá là á, òǹkàwé kò ní nǹkan kan láti ṣe mọ́. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ló yẹ kí a máa wọ̀n: ó ń lọ bí ìlà 10. Bí wọ́n bá súnmọ́ra jù, yóò dún bí ègbè orin. Bí wọ́n bá jìnnà jù, etí yóò ti gbàgbé ti àkọ́kọ́.

Ohun tó kù

Ìdánwò ìkẹyìn ni pé kí ẹni tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ náà kà á sókè láìsí àlàyé, kí a sì máa sàmì sí ibi tó bá ti yí ohùn padà. Ó yẹ kó yí i ní «ẹ wọlé», ní «màmá» méjèèjì, ní «ẹ̀gbọ́n mi» méjèèjì àti ní «ó wà o». Bí kò bá yí i níbì kan, ìpè ibẹ̀ ló rọ̀, kì í ṣe pé a ní láti dá orúkọ padà.

Ẹni tí kò bá ti wọ danfó Èkó rí lè má mọ̀ pé «ó wà o» ni wọ́n fi ń sọ fún dírẹ́bà pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀. «Ẹnì kan sọ̀» tó tẹ̀ lé e ṣàlàyé tó. Èyí tí a ṣì ń rò ni «ó ti jẹun ṣá» ní òpin ìlà 9. Níbi tó wà yẹn, ó lè dà bíi pé ọmọ olómi ni ìbéèrè náà ń tọ́ka sí, kí òǹkàwé tó rántí ẹni tó wà níwájú dókítà. A gbìyànjú láti gbé e lọ sórí ìlà tirẹ̀ kí ìyẹn má bàa ṣẹlẹ̀, àmọ́ lójú ẹsẹ̀ ló padà jọ ìwé eré, ọmọ náà sì di ohun tí a kàn ń wò kọjá. A dá a padà. Yóò dúró síbẹ̀ àfi bí ẹni tó ń kà á sókè bá kọsẹ̀ níbẹ̀.