Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára Pijó kan: bí mo ṣe ń sọ ọdún fótò tí kò ní déètì

Fótò àtijọ́ ni mò ń tún ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ìsìnkú àgbà tàbí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́, àwọn èèyàn á kó fótò àwọn òbí wọn wá, wọ́n á sì bi mí pé, "Ọdún wo nìyí?" Nígbà kan, mo wo irun orí obìnrin kan, mo ní 1959 ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni àbúrò olóògbé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun lòun di irun yẹn, lẹ́yìn ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun ní 1966. Àbá ni mo dá, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan mú fótò dúdú-àti-funfun wá láti Ṣàgámù. Bàbá rẹ̀ fara ti ọkọ̀, ó gbé ọmọ kan tó tó ọmọ ọdún kan tàbí kó lé díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni ọmọ yìí ni, àbí bùọ̀dá mi?" 1969 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 1974 ni wọ́n bí òun. Wọn ò kọ nǹkan kan sẹ́yìn fótò, nọ́ńbà ọkọ̀ náà kò sì sí nínú àwòrán.

Iná iwájú ọkọ̀ náà ni mo kọ́kọ́ wò. Kò rí roboto bíi ti Pijó 404. Ó fẹ̀, etí rẹ̀ sì dagun. Pijó 504 nìyẹn, 1968 ni wọ́n sì gbé e jáde. Fótò náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni èyí sọ fún mi, torí Pijó a máa pẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Mo wá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo inú ọkọ̀. Apá ọ̀tún ni síárìn wà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, nítorí náà ó jọ pé wọ́n ti kó ọkọ̀ náà wọ̀lú kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ má tíì yọ̀ o. Bí ẹni tó fọ fótò bá dojú nẹ́gẹ́tíìfù délẹ̀, ọ̀tún á di òsì. Mo wá ohun tí kì í parọ́: àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, apá òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sábà máa ń wà. Ti bàbá náà wà lápá òsì rẹ̀. Fótò náà dúró ṣánṣán.

Ohun tí mo sọ fún obìnrin náà rèé: "Ó dá mi lójú pé kò ṣáájú 1968. Mo rò pé 1970 tàbí 1971 ni, àti pé bùọ̀dá yín ni ọmọ yìí. Bí ẹ bá ní kí n pín in sí mẹ́wàá, méje ni mo fún bùọ̀dá yín, mẹ́ta ni mo fún yín, torí ẹni tó ní ọkọ̀ olósíárìn ọ̀tún ṣì lè máa wà á ní 1975. Ẹ bá mi bi àwọn àgbà ilé yín ìgbà tí bàbá ra ọkọ̀ yìí. Ìdáhùn wọn lè yí ọ̀rọ̀ mi padà."

Ó ní kí n ṣáà mú ọ̀kan. Mo ti mú ọ̀kan, mo kàn sọ bí ó ṣe dá mi lójú tó ni. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, irọ́ nìyẹn náà, torí mo mọ nǹkan díẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Ṣàgámù á sì ṣòfò. Mo fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ "nǹkan bí 1970–71?" sẹ́yìn fótò náà. Mi ò lo báírò, torí báírò a máa tẹ̀ wọlé, kì í sì ṣeé pa rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló pè. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní lẹ́yìn tí wọ́n yí ọwọ́ títì padà ni wọ́n ra ọkọ̀ náà, àlòkù ni, òun ló tẹ̀ lé wọn lọ gbé e. Nígbà yẹn, bùọ̀dá rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ inú fótò kò sì tó bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá ọmọ ẹbí mìíràn wà nílé lásìkò náà. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. Nígbà tó tún wá, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo kọ "nǹkan bí 1975, ó jọ pé ọmọbìnrin rẹ̀ ni, ẹnu àbúrò rẹ̀ la ti gbọ́ ìgbà tí wọ́n ra ọkọ̀." Àmì ìbéèrè náà nìkan ni mi ò pa rẹ́.