Ọ̀rọ̀ ìkójáde ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú kí àwọn ayálégbé tó dáwó sólà

Ilé tó ní fúláàtì 6 ni mò ń bójú tó ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn, fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ sólà síwájú àwọn ayálégbé, gbogbo oníṣẹ́ tó wá wo ilé ló ń ka iye kVA àti orúkọ ìńfátà sí wa létí. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà lọ́kàn ayálégbé ní tiẹ̀: kí ni màá lè tàn, èló ni màá mú wá, bí mo bá kó jáde ńkọ́? Ìkẹta yìí ló máa ń tú irú àjọrà bẹ́ẹ̀ ká. Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún kò mọ ibi tí yóò wà ní ọdún mẹ́ta sí i, ẹ sì ń ní kó kó owó ńlá sórí òrùlé ẹlòmíràn.

Kí n tó pe ìpàdé kankan, mo wọ fúláàtì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo pín ohun tó ń jẹ iná sí ọ̀nà méjì. Fíríìjì, fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti kọ̀ǹpútà àgbéletan wà lápá kan. Ohunkóhun tó bá ń gbé ooru jáde wà lápá kejì, bí áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti sítóòfù iná, mo sì fi ẹ̀rọ amúlétutù kún wọn. Mo sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé apá kejì yìí kò ní fara kan sólà, wáyà Nẹ́pà ni yóò dúró sí. Bí ẹ bá dákẹ́ lórí èyí lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo èèyàn yóò rò pé òun yóò máa lọ aṣọ lóru, ìjà yóò sì dé láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní.

Nígbà tí a ṣírò apá kìíní, fúláàtì kan ń jẹ bíi yúnìtì 3.3 lójoojúmọ́, bíi yúnìtì 2 nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sí òru. Yúnìtì tí mò ń wí yìí náà ni èyí tí a ń rà sórí mítà, nítorí náà kò sẹ́ni tí kò yé. Bátìrì lítíọ́mù tí wọ́n ń tà ní 5kWh, yúnìtì 5 ló wà nínú rẹ̀, a sì fi 4 ṣe òdiwọ̀n ohun tí a lè ná kí a má baà máa lò ó gbẹ. Mo rí i pé bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, àwọn àgbà inú ilé pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò fúnra wọn.

Fíríìjì Ìyá Ìbejì nìkan ló yàtọ̀. Mo ki mítà kékeré kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, ó sì jẹ yúnìtì 2.8, nígbà tí ti àwọn yòókù kò ju 1.2 lọ. Mo fi bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, mo pa á dé, mo fà á, bébà náà yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti gan, kò mú mọ́, atẹ́gùn gbígbóná ń wọlé, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì sinmi. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà kí a tó ṣírò. Ká ní a kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, apá kan nínú owó bátìrì ni à bá ná sórí rọ́bà fíríìjì.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọ̀nà mẹ́ta ni mo kọ sí ojú ìwé kan ṣoṣo tí mo pín káàkiri. Àkọ́kọ́ ni kí oníkálukú ra tirẹ̀. Ìńfátà 3kVA, bátìrì kan, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta àti iṣẹ́ ọwọ́ sún mọ́ mílíọ̀nù 2.3 náírà fún fúláàtì kan ní ọjà ìgbà yẹn. Ẹni tó rà á lè kó o lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ihò mélòó ni wọn yóò lu sórí páànù kan náà, ta ni yóò sì gba apá tí oòrùn ti ń mú jù? Ẹni tó bá tún ń tú u kúrò kì í padà wá dí ihò rẹ̀.

Ìkejì ni ìńfátà àti bátìrì láìsí pánẹ́ẹ̀lì. Ó dínwó, ó sì wu àwọn èèyàn jù lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n wo ibi tí wọ́n pín wa sí: Báńdì D ni wá, wákàtí 8 ni ìlérí tí wọ́n ṣe fún irú wa lójúmọ́, kì í sì í dé ní àsìkò kan náà. Bí iná bá dé ní ìdajì òru tí gbogbo ilé ń lò ó, ìgbà wo ni bátìrì yóò kún? Àti pé mítà ta ni yóò fi gba agbára? Òru fúláàtì mẹ́fà gba bátìrì mẹ́ta, bí wọ́n bá sì gbẹ, wọn yóò gbé ju yúnìtì 12 kí wọ́n tó kún. Bí ó bá jẹ́ orí mítà ẹnì kan ni, owó onítọ̀hún ni gbogbo ilé ń jẹ.

Ìkẹta ni àjọni: ìńfátà kan tó jẹ́ 10kVA, bátìrì tí a lè máa fi kún, pánẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé, mítà kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Òun ni mo gbè sí, mo sì sọ ọ́ gbangba pé òun ni.

Fúláàtì mẹ́rin ló gbà, méjì ní àwọn kò tíì ṣetán. Ẹ má ṣe pín owó èèyàn mẹ́fà lé èèyàn mẹ́rin lórí. Bátìrì ni kí ẹ dín kù. Òru fúláàtì mẹ́rin jẹ́ yúnìtì 8, bátìrì méjì sì tó o gẹ́lẹ́. Fún ojúmọ́ kan wọ́n nílò bíi yúnìtì 13. Oòrùn Ìbàdàn, bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí mẹ́rin tó mú gan-an lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì 8 tó jẹ́ 550W yóò mú bíi yúnìtì 17 wá, ooru, eruku àti wáyà yóò sì jẹ bíi ìdá mẹ́rin rẹ̀, ó ku 13.

Owó rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6, bí a sì ṣe pín in nìyí. Ohun tí a kàn mọ́ ilé, ti onílé ni: pánẹ́ẹ̀lì, irin tó gbé e, wáyà, bírékà, mítà kékeré àti owó iṣẹ́, mílíọ̀nù 2.4. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi san án, nítorí pé bí gbogbo ayálégbé bá lọ, orí ilé rẹ̀ ni wọn yóò ṣì wà. Ìńfátà jẹ́ mílíọ̀nù 1.5, bátìrì méjì jẹ́ mílíọ̀nù 2.1, ìyẹn mílíọ̀nù 3.6, àwọn mẹ́rin ló ni ín, 900,000 náírà ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ni wọ́n mú wá lẹ́sẹ̀ kan náà, ìdajì ní 75,000 lóṣooṣù fún oṣù 6. Àwọn méjì yá tiwọn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn. Onísólà kì í dúró de oṣù 6, nítorí náà màmá, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ìyá mi, fi owó ilé tó wà nílẹ̀ dí àlàfo náà. Wọ́n sì jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá kò ní tìtorí sólà fi kún owó ilé fún ọdún méjì.

Bàbá Ṣèyí tó wà lókè ló wá bèèrè ohun tí mo ti ń retí: "Ọmọ mi, bí wọ́n bá gbé mi kúrò n'Ìbàdàn lọ́la, kí ni mo fẹ́ gbé lọ́wọ́?" Ìdáhùn ti wà nínú ìwé náà. Gárántì bátìrì náà jẹ́ ọdún 5, ìyẹn oṣù 60. A pín 900,000 sí oṣù 60, ó jẹ́ 15,000 lóṣù. Oṣù tí o bá ti lò, o ti jẹ ẹ́. Èyí tó kù, tìrẹ ni. Kò sẹ́ni tó ń tú bátìrì lọ. Lẹ́yìn oṣù 20, ibi iṣẹ́ gbé Bàbá Ṣèyí lọ sí Àkúrẹ́ lóòótọ́. Oṣù 40 ló kù. Ìpín rẹ̀ ti di 775,000 nígbà náà, nítorí 125,000 tó gbà padà nígbà tí àwọn fúláàtì méjì yòókù wọlé, nítorí náà bíi 517,000 náírà ló kù fún un. Ẹni tó wá wo fúláàtì náà gbọ́ owó ilé àti owó sólà lọ́jọ́ kan náà, ó sì mọ̀ pé àwọn oṣù 40 náà lòun rà. A ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ẹni tuntun kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, onílé yóò san fún ẹni tó ń lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, yóò sì máa gbà á lọ́wọ́ ẹni tuntun díẹ̀díẹ̀. Láìsí gbólóhùn yìí, ẹni tó ń lọ yóò máa dúró lójú fúláàtì òfìfo, inú yóò sì máa bí i.

Yàtọ̀ sí owó ìbẹ̀rẹ̀, yúnìtì kọ̀ọ̀kan tí mítà kékeré bá kà, 50 náírà ló ń bọ́ sínú àpò ìtọ́jú. Ó ń sún mọ́ 20,000 lóṣù láti ọ̀dọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti inú rẹ̀ la ti ń san ẹni tó ń fọ pánẹ́ẹ̀lì nígbà ọyẹ́, ìyókù ń dúró de bátìrì ọjọ́ iwájú. Ẹni tó ń lò púpọ̀ ló ń dá púpọ̀, èyí sì pa ẹnu àròyé mọ́.

Nǹkan méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé. Ẹ sọ fún wọn pé ní oṣù keje àti ìkẹjọ, nígbà tí òjò àti kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, pánẹ́ẹ̀lì yẹn lè má mú yúnìtì 10 wá lójúmọ́. Ní àsìkò náà, fáànù kan ni ká lò dípò méjì, tàbí kí Nẹ́pà kún un lórí mítà àjọlò tí a yà sọ́tọ̀. Èkejì ni bírékà. Bírékà 6 áńpì la fi sí wáyà sólà fúláàtì kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì rò pé yóò já lójú ẹsẹ̀ bí ẹnì kan bá ki kẹ́tùlù bọ̀ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá kọjá agbára rẹ̀ díẹ̀, ó lè gbé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan, omi yóò sì ti hó. Ìdí nìyẹn tí a fi yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná kúrò pátápátá lórí wáyà sólà, àfi ti fíríìjì tí oníṣẹ́ gbé sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, níbi tí ọwọ́ kò ti lè tètè dé.

Ní ti àwọn méjì tí kò dá sí i lákọ̀ọ́kọ́, a fún wọn ní ọdún kan láti wọlé. Oníṣẹ́ kìlọ̀ fún wa pé kò dára ká so bátìrì tuntun mọ́ èyí tó ti gbó, àti pé irú kan náà ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Wọ́n wọlé ní oṣù keje tí sólà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jọ ra bátìrì kẹta ní 1,050,000, oníkálukú sì fi 250,000 lé e fún ìdá mẹ́fà ìńfátà, èyí tí a pín padà fún àwọn mẹ́rin ìṣáájú ní 125,000 fún ẹnì kan. Pánẹ́ẹ̀lì 4 tó kù, màmá ló rà wọ́n. Irin wọn ti wà lórí òrùlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi gbé wọn lé e.