Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: kí bátìrì kún fún iná ná, kó tó mu omi

Ẹ jẹ́ n fi àṣìṣe mi bẹ̀rẹ̀. Bátìrì olómi mẹ́rin ni mo ń lò pẹ̀lú ináfátà mi, fóltì mẹ́fà mẹ́fà, áńpù wákàtí 225, mo so wọ́n tẹ̀léra kó lè di fóltì 24, sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì 12 nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ìdérí wọn, mo rí i pé omi ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ àmọ́ ó ṣì bo pléètì, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀, dáadáa. Èmi aláṣejù, mo gbé omi dísítílì, mo bù ú kún gbogbo ẹ̀ dé ẹnu, bẹ́ẹ̀ a ti lo bátìrì yẹn mọ́jú, iná inú ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán tí ṣájà ti ń ti iná sí i, ni ásíìdì bá ń ru jáde lójú ihò ìdérí, ó ṣàn bo orí bátìrì, ó jẹ tẹ́mínà, ó jẹ irin tí mo gbé wọn lé.

Ohun tó fà á ni pé tí bátìrì bá ń gba iná, ohun tó wà nínú ẹ̀ máa ń wú, ó sì máa ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀ tó bá ti ń kún, torí náà ó gbọ́dọ̀ ní àyè lókè. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ohun tó dà nù yẹn kì í ṣe omi lásán, ásíìdì ló bá a lọ, omi nìkan ni mo sì lè fi dípò ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé mo ti fi omi la ásíìdì inú bátìrì mi fúnra mi.

Látìgbà yẹn, mo máa ń jẹ́ kí bátìrì kún fún iná pátápátá kí n tó bu omi sí i. Ìgbà kan ṣoṣo tí mi ò kì í dúró ni tí pléètì bá ti yọrí síta, torí afẹ́fẹ́ máa ń ba pléètì jẹ́, mo máa bu ìwọ̀nba tó máa bò ó mọ́lẹ̀, mo máa ṣájì ẹ̀, tó bá kún ni mo máa wá bu èyí tó kù. Tẹ́ ẹ bá wo inú ihò yẹn ẹ máa rí ọ̀pá ike kékeré kan tó sọ̀ kalẹ̀, kí omi dúró ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta sísàlẹ̀ ẹnu ọ̀pá yẹn, kó má kàn án. Omi dísítílì nìkan ni o. Omi ẹ̀rọ, omi kànga, omi inú ọ̀rá, kò sí èyí tó dáa níbẹ̀, kódà èyí tẹ́ ẹ sè kò dáa, torí sísè kì í yọ iyọ̀ àti irin tó wà nínú omi. Ẹ má sì bu ásíìdì sí i láé pé ẹ fẹ́ fún un lágbára, torí omi ló máa ń lọ, ásíìdì ò kúrò níbẹ̀ àfi tó bá dà nù.

Ó yá, ikuálaìsì. Ṣájì àṣejù tá a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tá a so tẹ̀léra kì í kún bákan náà, ásíìdì tó wúwo máa ń sùn sísàlẹ̀, èépá tí wọ́n ń pè ní sọ́fétì náà á máa le mọ́ ara pléètì, híhó yẹn ló ń ro ásíìdì pọ̀ tó sì ń dá àwọn tó rẹ̀yìn padà. Àwọn kan máa ń ṣe é lóṣooṣù, àwọn mìíràn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èmi ò gba ti kàlẹ́ńdà nìkan gbọ́, torí tẹ́ ẹ bá ń ṣe é láìnídìí ó ń jẹ pléètì, ó sì ń mu omi. Oṣooṣù ni mo fi ń wo omi tí mo sì ń fi haidirómítà, ìyẹn ohun tó ń sọ bí ásíìdì ṣe wúwo tó, wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún, kí n tó bu omi kankan, torí omi tuntun tí kò tíì pò mọ́ ásíìdì máa tan yín jẹ. Mo máa fa ásíìdì sínú haidirómítà, mo máa tì í padà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí n tó kà á. Tí èyí tó ga jù bá fi ohun tó ju 0.030 lọ ga ju èyí tó kéré jù, ikuálaìsì ti dé nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí nígbà kan. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́sàn-án wà láàárín 1.260 sí 1.265, àmọ́ mẹ́ta inú bátìrì kẹta ń ka 1.230, 1.225, 1.230. Mo yọ gbogbo ohun tó ń lo iná kúrò, torí fóltì ọjọ́ yẹn máa ga jù fún wọn. Mo wo ìwé bátìrì, mo sẹ́ẹ̀tì ṣájà sí fóltì 31, ìyẹn bíi 2.58 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, mo dín iná tó ń wọlé kù sí áńpù mẹ́wàá. Gbogbo wákàtí ni mo ń wọn èyí tó kéré jù yẹn: 1.235, 1.245, 1.255, wákàtí kẹrin 1.255 náà ni. Tí kò bá ti gòkè mọ́, mo pa á. Tí ásíìdì bá gbóná, haidirómítà máa ń kà á kéré, torí náà fún gbogbo dígírì márùn-ún ààbọ̀ tó bá fi ju 27 lọ mo máa ń fi 0.004 kún un. Tó bá dé dígírì 50, ẹ pa á kó tutù, yálà ó ti dọ́gba tàbí kò tíì dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn ẹyin òbu, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Bátìrì tí wọ́n dí pa, ti jẹ́ẹ̀lì tàbí irú ẹ̀ tí kò ṣeé bu omi sí, ẹ má dán èyí wò lórí ẹ̀ o, omi tó bá lọ níbẹ̀ ò ṣeé dá padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Gáàsì tó ń jáde nígbà tó ń hó ni haidirojíìnì, tó bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá, ìṣáná kékeré kan máa bú u gbàmù. Mo máa ń ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀, kò sí sìgá, kò sí iná, mi ò kì í fa wáyà kúrò lórí tẹ́mínà nígbà tí ṣájà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdérí máa ń wà lórí ẹ̀, ìgbà tí mo bá fẹ́ wọn ọ̀kan nìkan ni mo ń ṣí i. Mo ti bọ́ òrùka, mo fi téèpù wé ọwọ́ súpánà, mo wọ gíláàsì tó bo ojú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Omi mímọ́ wà nítòsí, torí tí ásíìdì bá ta sí ojú, ẹ fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ. Fún èyí tó dà sórí bátìrì, gíráàmù 100 bekin sódà nínú lítà omi kan, ẹ rí i pé ìdérí le dáadáa kẹ́ ẹ tó fi nù ún, tó bá kán sínú sẹ́ẹ̀lì ó máa pa ásíìdì ibẹ̀.

Nígbà tó tutù tán ni mo wá bu omi pẹ̀lú àrọ ike, mo sì kọ iye tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan mu sínú ìwé. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n tètè mọ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bàjẹ́ lẹ́yìn náà: gbogbo àwọn tó kù ń hó, òun dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó dúró sí 1.150 láti wákàtí kìíní dé ìkẹta. Pléètì ẹ̀ ti fara kan ara wọn nínú, ikuálaìsì kankan ò lè tún ìyẹn ṣe, mo pàrọ̀ bátìrì yẹn.