Oníbàárà 243, àmì kan ṣoṣo lórí máàpù

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ara mi kò sì tíì balẹ̀ tán tí mo fi ń kọ ọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ti gbé fáìlì àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà lé lọ́wọ́ rí pé kí ẹ gbé e sórí máàpù, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Òpópónà kan ṣoṣo, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n máa kọ ọ́, kóòdù ìfìwéránṣẹ́ á sì ṣófo níbi púpọ̀. Ìlà 1,860 ló wà nínú tèmi, èyí tó lé ní 700 nínú wọn kò sì ní kóòdù. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fún mi.

Mo fi kóòdù dí àwọn àlàfo náà, mo gbé fáìlì fún ẹ̀rọ Google tó ń wá látítúúdì àti lóńgítúúdì, gbogbo ìlà pátá ló sì padà wá pẹ̀lú `OK`. Kò sí èyí tó ṣófo. Máàpù náà dùn-ún wò. Ọ̀gá wa fi han àwọn tó kù, wọ́n sì fi pín ọ̀nà fún àwọn awakọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kò tíì tó aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì tí awakọ̀ àkọ́kọ́ fi pè mí. “Àǹtí, ilé mẹ́sàn-án tó wà lórí ìwé mi, ojú kan náà ni gbogbo wọn. Mo ti dé ibẹ̀. Kò sí ilé níbẹ̀ o, ọgbà ìgbafẹ́ ni.” Mo ní kó pa fóònù rẹ̀, kó tún un tàn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹlòmíràn pè. Ọgbà kan náà ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta pè, ó ní òun ń wo àwọn méjì tó kù lọ́ọ̀ọ́kán, ẹrù kún ọkọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ṣí máàpù, mo fà á sún mọ́ ọgbà náà. Àmì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ oníbàárà kan jáde. Mo gbé e kúrò, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìyẹn náà kúrò, òmíràn tún wà. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí mo kà á tán, 243 ni wọ́n, tí wọ́n gun ara wọn léjìká ní ojú kan. Ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi rí i nìyẹn: tí àmì 243 bá bára wọn mu rẹ́gí, ọ̀kan ṣoṣo ni ojú ń rí. Obìnrin kan ti gba ààyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ẹrù wa. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹta. Títí di ọ̀sán ni mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń bẹ àwọn èèyàn.

Ohun tó fà á rèé. Kóòdù tó pọ̀ jù lọ nínú fáìlì fún ìlú kan ni mo mú, tí mo fi dí gbogbo àlàfo ìlú náà. Ẹ wo `14 Peter Rd`. Òpópónà náà wà lóòótọ́, ní etí ìlú. Kóòdù àárín ìlú ni mo wá so mọ́ ọn. Ẹ̀rọ wá Peter Rd nínú agbègbè kóòdù yẹn, kò rí i, ó sì fún mi ní èyí tó lè fún mi, ìyẹn àárín agbègbè kóòdù náà. Ibẹ̀ ni ọgbà ìgbafẹ́ wà. Ká ní mo fi àlàfo sílẹ̀ bó ṣe wà ni, ó ṣeé ṣe kó rí òpópónà náà. Kóòdù tó ṣófo sàn ju èyí tí a fọwọ́ ara wa hùmọ̀ lọ.

Ẹ̀rọ náà kò sì parọ́ fún mi. `OK` kàn ń sọ pé èsì kan, ó kéré tán, wà ni. Kò sọ pé ilé náà ni wọ́n rí. Nínú èsì Google, ibi tí òótọ́ wà ni `location_type`. `ROOFTOP` ni ilé náà gan-an. `RANGE_INTERPOLATED` jẹ́ ìfojúbù láàárín ojú méjì tí wọ́n mọ̀ dájú, bí oríta. `GEOMETRIC_CENTER` ni àárín òpópónà tàbí agbègbè kan. `APPROXIMATE` sì jẹ́ ìfojúdá lásán. Tí `partial_match` bá wà níbẹ̀, apá kan àdírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n rí bá mu. Nínú 243 yẹn, `APPROXIMATE` ló wà lára gbogbo wọn. Látítúúdì, lóńgítúúdì àti `OK` nìkan ni mo fi pamọ́, mo da ìyókù nù.

Tí ẹ kò bá mú nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí: kí ẹnikẹ́ni tó wo máàpù, ẹ ka iye àdírẹ́ẹ̀sì tó yàtọ̀ síra tó wà lórí àmì kọ̀ọ̀kan.

```python
iye = df.groupby(["lat", "lng"])["adiresi"].nunique()
print(iye.sort_values(ascending=False).head(20))
```

Kò gba ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo ṣe é lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, 243 ló wà lókè pátápátá, 61 tẹ̀ lé e ní ìlú mìíràn, lẹ́yìn náà ló já sí 4. Ilé alájà púpọ̀ lè mú kí mẹ́rin tàbí mẹ́fà wà lójú kan, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yọ nọ́mbà yàrá kúrò nínú `adiresi`. Ṣùgbọ́n orúkọ òpópónà mẹ́wàá kì í gbé nínú ilé kan.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ká ní mo tún orúkọ òpópónà ṣe dáadáa ni, kò ní ṣẹlẹ̀. Mo tún un ṣe o. Ibẹ̀ gan-an ni mo tún ti dá kún un: mo sọ gbogbo `St` di `Street`, `St. Peter's St` wá di `Street Peter's Street`. `St` tó ṣáájú orúkọ, ẹni mímọ́ ni. Èyí tó gbẹ̀yìn ni òpópónà. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn orúkọ nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn, nínú òpó tuntun, kí èyí tí oníbàárà kọ wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Kódà ká ní mi ò ṣe àṣìṣe yìí, kíka àmì ló máa tú àṣírí kóòdù tí mo hùmọ̀.

Mo yọ gbogbo kóòdù tí mo fi dí àlàfo, mo dá `St` padà, mo tún wọn wá. Àdírẹ́ẹ̀sì 52 ló kù tí kò kúrò ní `APPROXIMATE`. A pe àwọn oníbàárà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a bi wọ́n ní orúkọ òpópónà tó pàdé tiwọn. Àwọn méje nínú wọn ń gbé ní òpópónà tó ní ìkejì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní apá ibòmíràn nínú ìlú wọn. Nínú àwọn yẹn, bí `ROOFTOP` bá tiẹ̀ jáde, ilé ẹlòmíràn ló lè jẹ́, kíka àmì kò sì lè fi ìyẹn hàn. Fóònù ni a fi mọ̀ ọ́n.