ROAS 3, síbẹ̀ mo pàdánù

Lálẹ́ àná ni mo jókòó ti ìṣirò oṣù tó kọjá, nítorí pé ojú ìwé ìpolówó mi ń fi ROAS 3 hàn, bẹ́ẹ̀ owó tó wà ní báńkì ń dínkù. Ìtumọ̀ ROAS 3 ni pé bí mo bá ná 1,000 sórí ìpolówó, ọjà 3,000 ni mo ń tà, mo sì ti ń fi èyí yangàn. Ṣùgbọ́n nínú 3,000 náà, 1,500 ni mo fi ra ọjà, 450 bá páálí àti owó ìfiránṣẹ́ lọ, ilé-iṣẹ́ tó ń bá mi gba owó sì yọ 90. Ó ku 960, ìpolówó sì ti gba 1,000. Àdánù 40 nìyẹn, kí n tó ka àwọn tó dá ọjà padà, tí ojú ìwé náà ṣì ń kà mọ́ ohun tí mo tà.

Nínú 100 tí mo bá tà, 32 péré ló ń kù fún ìpolówó. Nígbà tí mo fi 32 pín 100, mo rí 3.125, èyí tí ROAS mi gbọ́dọ̀ kọjá kí n tó jèrè kọ́bọ̀.